Ìpè Wasáàpù kì í dún lórí fóònù mi, mísí-kọ́ọ̀lù nìkan ni mò ń bá

Alágàrí_ÒkèAjé
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí Wasáàpù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń pè mí. Ìpè wọn kì í dún rárá. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi, dátà á wà ní títàn, àfi kí n ṣàdédé rí i pé ẹnì kan ti pè tí n kò gbé. Àwọn tí mo mọ̀ ń dún dáadáa, àwọn tuntun ni kì í dún. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà kì í dún, bẹ́ẹ̀ mo ti séèfù nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù Áńdírọ́ìdì ni. Kí ló fà á?

Ọmọ_Ìpẹru
Ẹ kú ọjà o, mà. Dátà ni. Ó jọ pé ẹnì kan ti bá yín tan ibi tí Wasáàpù ti ń ṣọ́ dátà lò. Ẹ ṣí Wasáàpù, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta lókè, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Storage and data, ẹ wá wo Use less data for calls. Tó bá wà ní títàn, ẹ pa á. Fóònù tó bá ń ṣọ́ dátà jẹ kì í jẹ́ kí ìpè wọlé bó ṣe yẹ.

Àǹtí_Ìkẹ́nnẹ́
Àwọn àjèjì tó ń pe èèyàn lórí Wasáàpù yìí ti sú mi. Ẹ má dá ara yín lóró, mà. Ẹ tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Block, wọn ò ní lè pè yín mọ́ láéláé.

Alágàrí_ÒkèAjé
Áà, rárá o, àǹtí. Oníbàárà ni wọ́n! Mo fẹ́ kí wọ́n máa dún ni.

Ọmọ Ìpẹru, mo ti wo ibẹ̀, ó wà ní pípa tẹ́lẹ̀.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ohun tí ẹ sọ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ara rẹ̀: àwọn tí ẹ mọ̀ ń dún, àwọn tuntun kì í dún. Dátà kì í yan ojú. Tó bá jẹ́ dátà ló ń yọ yín lẹ́nu, ìpè ìyá yín gan-an kò ní wọlé dáadáa.

Ibi tí ẹ máa wò nìyí: Wasáàpù, àmì tótó mẹ́ta, Settings, Privacy, Calls, lẹ́yìn náà Silence unknown callers. Tó bá wà ní títàn, ìpè tó bá ti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí fóònù yín kò mọ̀ wá kò ní dún. Ṣùgbọ́n Wasáàpù kò lé ìpè náà padà. Ó ń fi í sínú Calls, ó sì ń fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá mísí-kọ́ọ̀lù láìgbọ́ ohunkóhun. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí àwọn gbájúẹ̀ kò jẹ́ káyé sinmi pẹ̀lú ìpè láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tàn án nígbà náà tó sì gbàgbé. Nígbà míì, ọmọ ilé ló bá ìyá tàn án, tí kò sọ fún un.

Ọmọ Ìpẹru, ohun tí o sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, àyè rẹ̀ lo ṣì. Use less data for calls kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ fi gbé ìpè. Ó ń dín bí ohùn àti àwòrán ṣe nípọn tó kù, kí ìpè tí ẹ ti ń sọ má bàa jẹ dátà púpọ̀. Kò ní ọwọ́ kankan nínú pé fóònù dún tàbí kò dún.

Alágàrí_ÒkèAjé
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti wò ó. Ó wà ní títàn lóòótọ́! Ta ló tàn án? Mo fura sí ọmọ mi kékeré. Mo ti pa á báyìí. Ṣùgbọ́n ti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Mo séèfù tirẹ̀, kì í ṣe àjèjì. Kí ló dé tí òun náà kì í dún?

Atúnfóònù_Ṣágámù
Ẹ lọ sí Calls, ẹ wo mísí-kọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn tí ẹ rí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé orúkọ tí ẹ séèfù ló hàn níbẹ̀, àbí nọ́ńbà lásán?

Alágàrí_ÒkèAjé
Nọ́ńbà ni o. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44. Mi ò kà á sí nǹkan tẹ́lẹ̀, àwòrán rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀.

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Ẹ jẹ́ kí n bá Atúnfóònù gbà á níbẹ̀. Ẹ wo inú ìwé nọ́ńbà fóònù yín, ẹ wo bí ẹ ṣe kọ tirẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 07, bó ṣe pè é fún yín lẹ́nu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Síìmù Nàìjíríà ni ẹ fi ṣí Wasáàpù. Bí ẹ bá séèfù nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, Wasáàpù á gbà pé nọ́ńbà Nàìjíríà ni, á yọ òdo náà kúrò, á sì fi +234 sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ yín nílùú òyìnbó wá di nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí kò sí níbì kankan. Nígbà tí ìpè gidi bá dé pẹ̀lú +44, Wasáàpù á wo inú ìwé nọ́ńbà, kò ní rí +44 kankan, á sì kà á mọ́ àjèjì. Orúkọ wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n orúkọ náà àti ẹni tó ń pè kò tíì pàdé ara wọn rí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé nọ́ńbà, ẹ yọ òdo iwájú, ẹ kọ +44, kí 7 wá tẹ̀ lé e tààrà. Kò sí òdo láàárín. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí, ẹ fi nọ́ńbà tirẹ̀ dípò x:

```
+447xxxxxxxxx
```

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀, ẹ padà sí Wasáàpù, ẹ tẹ àmì ìránṣẹ́ tuntun kí orúkọ gbogbo yọ, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta lókè, ẹ tẹ Refresh. Kí ẹ tó padà sí Calls, orúkọ rẹ̀ á ti rọ́pò nọ́ńbà yẹn. Bí orúkọ bá ti hàn, fóònù ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, á dún bí ẹ tilẹ̀ tan Silence unknown callers padà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà rọrùn ju ìyẹn lọ, nítorí +1 ni tiwọn, nọ́ńbà wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Jámánì ló sábà ń dá wàhálà yìí sílẹ̀, nítorí òdo máa ń wà níwájú nọ́ńbà wọn tí wọ́n bá ń pè é fún èèyàn.

Alágàrí_ÒkèAjé
07 ni mo kọ lóòótọ́! Mo ti tún un ṣe. Orúkọ rẹ̀ ti yọ. Olùkọ́, ẹ ṣeun o, ẹ kú làákàyè.

Ọmọ_Ìpẹru
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lẹ́bi pátápátá. Lórí Tẹ́kínò tí àbúrò mi ń lò, nígbà tí a pa ìṣọ́-dátà ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo rí i lójú ara mi.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Mo gbà ọ́ gbọ́. Méjì ni ìṣọ́-dátà, òun lo pa pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú Wasáàpù, a ti sọ tiẹ̀. Èkejì jẹ́ ti fóònù fúnra rẹ̀: Settings fóònù, Network & internet, Data Saver. Lórí àwọn fóònù kan orúkọ ibi tó wà yàtọ̀ díẹ̀, ẹ kàn kọ "data saver" síbi ìṣàwárí tó wà lókè Settings, á yọ sí yín.

Data Saver ti fóònù le ju ti Wasáàpù lọ fíìfíì. Tó bá wà ní títàn, gbogbo ohun tí ẹ kò ṣí sójú fóònù kò ní rí dátà síìmù lò lábẹ́lẹ̀, àyàfi èyí tí ẹ bá fún láyè. Wasáàpù tí ẹ ti pa dé á wá máa gba ìròyìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tàbí kó dúró dìgbà tí ẹ bá ṣí i. Ìpè kò sì lè dúró. Ó ti rẹ ẹni tó pè, ó ti gbé fóònù sílẹ̀, kí fóònù tìrẹ tó mọ̀ pé ẹnì kan ń pè.

Ẹ kò ní láti pa Data Saver. Nínú ibẹ̀ náà, ẹ wá Unrestricted data, ẹ wá Wasáàpù nínú àwọn orúkọ, ẹ tàn án. Gbogbo ìyókù á ṣì máa ṣọ́ dátà, Wasáàpù nìkan ló ní ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá wà lórí Wáìfáì, Data Saver kì í dá yín dúró, nítorí náà bí ìpè bá ń dún nílé tí Wáìfáì wà, tí kì í dún lọ́jà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Kí a fi bátìrì kún un. Tẹ́kínò, Infiníìsì àti áítẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ́ tọ́jú bátìrì, wọ́n sì máa ń pa ohun tí èèyàn kò lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ àmì Wasáàpù mọ́lẹ̀, ẹ tẹ App info, ẹ wá ibi bátìrì, ẹ yan Unrestricted. Tó bá jẹ́ Restricted ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ ti rí olè. Ọ̀pọ̀ àwọn fóònù wọ̀nyí tún ní Phone Master. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí fóònù lè "yára", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń pa Wasáàpù.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ èwo ni tirẹ̀ nínú gbogbo èyí, láì máa tẹ gbogbo nǹkan káàkiri? Tèmi náà kì í dún nígbà míì.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Mísí-kọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Àwọn tó ń gbé fóònù wá fún mi, ohun méjì péré ni mo máa ń bi wọ́n.

Àkọ́kọ́: ìgbà wo ni ìfitónilétí náà dé, tí a bá fi wé aago tó kọ sára rẹ̀? Bí ìpè bá kọ 10:42, tí ìfitónilétí sì yọ ní nǹkan bí 10:43 nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ìpè dé fóònù. Ẹnì kan ló ní kó má dún: Silence unknown callers, tàbí Do Not Disturb, tàbí ohùn fóònù tí ẹ ti rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Wasáàpù ní 1:15 tí mísí-kọ́ọ̀lù 10:42, ti 11:20 àti ti 12:05 sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì ń rọ́ wọlé tẹ̀ lé wọn, ìpè kò dé fóònù nígbà tí wọ́n pè. Dátà, Data Saver, bátìrì tàbí nẹ́tíwọ́kì ni ẹ máa wá.

Èkejì: orúkọ ni, àbí nọ́ńbà? Bí gbogbo àwọn tí kò dún bá jẹ́ nọ́ńbà láìsí orúkọ, ẹ lọ sí Privacy. Bí àwọn tí ẹ ti séèfù dáadáa náà bá wà nínú àwọn tí kò dún, ẹ má fi Privacy fi àkókò ṣòfò.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ yá fóònù méjì, ọ̀kan tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú tiyín, ọ̀kan tí kò sí. Ẹ pa Wáìfáì, ẹ fi dátà síìmù sílẹ̀, ẹ pa ojú fóònù yín, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè sùn dáadáa. Ẹ má ṣe fo ìsùn yìí, nítorí fóònù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ máa ń dún dáadáa, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Kí ẹni tí ẹ séèfù wá pè lórí Wasáàpù, kó máa wo ojú fóònù tirẹ̀. Bí ó bá ń kọ Calling tí kò yí padà, ìpè kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá yí sí Ringing, ó ti dé. Lẹ́yìn náà kí èyí tí ẹ kò séèfù pè. Bí ti àkọ́kọ́ bá dún tí ti èkejì kò dún, Silence unknown callers ni. Bí méjèèjì bá dé ibi Ringing tí kò sí èyí tó dún, Do Not Disturb tàbí ohùn ni.

Dísípáàṣì_Rẹ́mọ
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò sí nídìí Wasáàpù. Ọ̀kadà ni mo fi ń gbé ẹrù káàkiri Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ìpè lásán ni mo fi ń wá oníbàárà. Àwọn tó ń lo áífóònù ló ń dà mí láàmú. Mo á dé ẹnu ọ̀nà, mo á pè, wọn ò ní gbé. Ó dìgbà tí mo bá ti kúrò kí wọ́n tó máa pariwo pé n kò pè. Ṣé ohun kan náà ni?

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Ọmọ ìyá ni wọ́n, ilé wọn ló yàtọ̀. Ti Wasáàpù kò kan ìpè síìmù, ti áífóònù fún ìpè síìmù sì ní ibi tirẹ̀. Lórí iOS 18 ó wà ní Settings, Apps, Phone, Silence Unknown Callers. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò ní Apps láàárín. Lórí iOS 26 wọ́n yí i padà sí Screen Unknown Callers, ó sì ní ọ̀nà mẹ́ta: Never, Ask Reason for Calling àti Silence. Ẹni tó bá yan Silence, ìpè rẹ kò ní dún lọ́dọ̀ rẹ̀. Fóònù á darí rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn sílẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú Recents.

Bí nọ́ńbà kan bá wà nínú ìwé nọ́ńbà áífóònù, tàbí tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ti pe nọ́ńbà náà láìpẹ́, kì í kà á sí àjèjì. Ìyẹn ni ìwọ lè lò, dísípáàṣì. Kí o tó gbéra, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà pé kó fláàṣì nọ́ńbà rẹ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá ti pè ọ́, ìpè rẹ á máa dún lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní láti séèfù rẹ, kò sì ní láti pa nǹkan kan.

Dísípáàṣì_Rẹ́mọ
Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, sà. Màá máa sọ ọ́ fún wọn.

Àǹtí_Ìkẹ́nnẹ́
Àwa tó ń lo Sàmúsọ́ọ̀ǹgì náà ní tiwa. Nínú ibi tí a ti ń pe èèyàn, Settings, Block numbers, ibẹ̀ ni wọ́n kọ pé kí a dí àwọn nọ́ńbà tí a kò mọ̀. Mo ti tan tèmi ó ti pẹ́. Àmọ́ àwọn àjèjì ṣì ń pè mí o, bóyá ó ti bàjẹ́ ni.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Kò bàjẹ́, àǹtí. Ohun tí ẹ rò pé ó ń ṣe kọ́ ló ń ṣe. Lórí Sàmúsọ́ọ̀ǹgì, àti nínú Phone ti Gúgù tó wà lórí ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ìdì, unknown tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ẹni tó bo nọ́ńbà rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń hàn bíi Private number tàbí Unknown. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere, bí ẹ kò tilẹ̀ rí i rí, ìpè rẹ̀ á wọlé, á sì dún. Nítorí náà ẹ lè fi í sílẹ̀ ní títàn láìbẹ̀rù pé ó ń lé oníbàárà. Ti áífóònù àti ti Wasáàpù ló ń wo inú ìwé nọ́ńbà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Mo ti dán an wò bí ẹ ṣe sọ. Ìpè ti ẹni tí mo séèfù kò dún. Calling ló ń kọ títí. Mo ṣí Data Saver, ó wà ní títàn gbọnrangandan. Mo ti fún Wasáàpù láyè nínú Unrestricted data, mo tún fi í sílẹ̀ kó sùn, ó dún.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Bí mo bá pa dátà pátápátá tàbí tí fóònù kú, ṣé mísí-kọ́ọ̀lù á ṣì hàn?

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Ti Wasáàpù á hàn nígbà tí o bá padà sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú aago tí wọ́n fi pè é gan-an. Ìpè síìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fóònù bá ti kú, kò mọ̀ pé ẹnì kan pè, kò sì lè kọ ohun tí kò mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí o máa ń rí lẹ́yìn tí o bá tan fóònù, tó ń sọ pé nọ́ńbà báyìí pè ọ́, nẹ́tíwọ́kì ló ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe fóònù. Torí ẹ̀ ni kì í fi í sí nínú Recents, inú àtẹ̀jíṣẹ́ ló wà.

Alágàrí_ÒkèAjé
Ẹ má bínú, mo tún padà dé. Láti ìgbà tí mo ti pa Silence unknown callers, oníbàárà ń wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà òkèèrè kan tí mi ò mọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè, +62 àti +84. Ṣé mo lè dá àwọn òkèèrè nìkan dúró, kí n jẹ́ kí +234 máa dún?

Atúnfóònù_Ṣágámù
Wasáàpù kò fún wa ní ìyẹn. Yálà gbogbo àjèjì dún, tàbí gbogbo wọn dákẹ́. +62 ni Indonéṣíà, +84 ni Fiẹtinámù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo nọ́ńbà náà lè wà níbikíbi. Ẹ má gbé e, ẹ má sì pe wọ́n padà. Bí wọ́n bá pè, ẹ tẹ nọ́ńbà náà, ẹ tẹ Block, ẹ sì fi Report kún un. Ibí ni ìmọ̀ràn Àǹtí Ìkẹ́nnẹ́ ti wúlò.

Tèmi, mo gbà pé ẹni tó ń tajà kò gbọ́dọ̀ tan án. Oníbàárà tuntun kan tí ìpè rẹ̀ kò dún ju ìyọnu gbájúẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ẹ kò gbé ìpè rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti sọ fóònù di odi. Kò sí ohun tó sọ fún un. Lójú tirẹ̀, ẹ kàn kọ̀ láti gbé e ni, yóò sì pe alágàrí mìíràn.

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Mi ò fara mọ́ ìyẹn tán. Ẹni tó ti dàgbà, tí gbájúẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ dídùn mú, ó sàn kó tàn án. Ẹ jẹ́ kí a pín in: Wasáàpù lásán fún ẹbí, Wasáàpù Bísínẹ́ẹ̀sì lórí síìmù kejì fún ọjà. Ohun méjì tó dá dúró ni wọ́n, oríṣi nọ́ńbà méjì, bọ́tìnnì Silence unknown callers ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tan ti ẹbí, ẹ pa ti ọjà. Ti Bísínẹ́ẹ̀sì tún ní Away message, tí ẹ lè fi kọ ọ́ pé ẹ ti tilẹ̀kùn, kí oníbàárà tó bá kọ ọ̀rọ̀ lóru má bàa rò pé ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Síìmù kejì, dátà kejì, ìyọnu kejì. Mo mọ̀ pé ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá ọjà ló máa fẹ́ máa wo ibi méjì.

Alágàrí_ÒkèAjé
Fún ìgbà yìí ná, màá fi í sílẹ̀ ní pípa. Iléyá ń bọ̀, Ojúde Ọba á tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹta, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ máa ń pe alágàrí tí wọn ò pè rí. Tí ọdún bá kọjá, màá wo ọ̀rọ̀ Bísínẹ́ẹ̀sì yẹn.

Ọmọ_Ìpẹru
Nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ títí dé ibí, ṣé Use less data for calls tiẹ̀ ń dín nǹkan kù lóòótọ́? Mi ò rí i.

Atúnfóònù_Ṣágámù
Má gba ẹnu mi gbọ́, wò ó fúnra rẹ. Settings, Storage and data, Network usage. Wàá rí iye dátà tí ìpè ti lò, èyí tó jáde àti èyí tó wọlé. Lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tẹ Reset statistics kó padà sí òdo. Bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí dátà síìmù nígbà tí bọ́tìnnì wà ní pípa, kọ iye tó lò sílẹ̀. Tún un padà sí òdo, tan bọ́tìnnì, bá ẹni kan náà sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Fi wé ara wọn. Jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ sọ bí ohùn rẹ ṣe rí pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń san owó dátà tó fi pamọ́. Kó jẹ́ ibì kan náà ni ẹ dúró sí nígbà méjèèjì o. Nẹ́tíwọ́kì tó bá burú fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí Wasáàpù dín ohùn kù láìtan nǹkan kan, ìyẹn á sì da ìṣirò rẹ rú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Àbúrò mi obìnrin ń lo áífóònù, ó ní orúkọ àwọn kan ń hàn lórí Wasáàpù, ti àwọn kan kì í hàn, bẹ́ẹ̀ ó séèfù gbogbo wọn. Kì í ṣe nọ́ńbà òkèèrè.

Olùkọ́_Ìlíṣàn
Kó wo Settings, Privacy & Security, Contacts, kó tẹ Wasáàpù níbẹ̀. Láti iOS 18, áífóònù máa ń béèrè bóyá kí ó fún ohun tí èèyàn gbé sórí fóònù ní gbogbo orúkọ, tàbí díẹ̀ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díẹ̀ ló yàn. Àwọn tí kò yàn, Wasáàpù kò mọ̀ wọ́n, ìpè wọn á sì dákẹ́ pẹ̀lú ti àjèjì. Kó yí i sí Full Access. Bí ó bá ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó padà wá sọ fún wa ohun tó rí.